Ìpàdé òṣìṣẹ́ tí a rẹ̀kọ́ọ̀dù: báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ di ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tí kò wá?

Ádímìnì_Olúyọ̀lé · Ọjọ́ Ajé, 8:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará wa. Ilé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ́fíìsì ádímìnì ni mo wà. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá a ṣe ìpàdé gbogbo òṣìṣẹ́, èyí tí àwọn ọ̀gá ń pè ní táùn họ́ọ̀lù, ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀, ọ̀gá akáǹtì sọ̀rọ̀, ọ̀gá ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì béèrè ìbéèrè gan-an ni. A rẹ̀kọ́ọ̀dù ẹ̀ sórí fóònù, ó fẹ́ẹ̀ tó wákàtí méjì, wọ́n gbé e fún ọmọ kan tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Agbowó pé kó bá wa tẹ̀ ẹ́, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ tán, ojú ewé 41.

Ọ̀gá mi wá ní kí n sọ ọ́ di ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn olójú ewé méjì fún àwọn tí kò wá. Àwọn tí kò wá yìí pọ̀ o: àwọn ṣíìfù alẹ́ tó ń sùn lọ́wọ́ nígbà yẹn, àwọn dírẹ́bà tó wà lójú ọ̀nà, àwọn tó wà ní ẹ̀ka ilé iṣẹ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí, àti àwọn obìnrin tó lọ ìsinmi ìbímọ. Ó fẹ́ ẹ kó tó di Ọjọ́ Ẹtì.

Ibi tó ti ń ni mí lára nìyí. Ọ̀rọ̀ kan náà, èèyàn méjì dá a lóhùn, ìdáhùn wọn ò sì bára mu. Ìbéèrè púpọ̀ ló wà níbẹ̀ tí ọ̀gá kàn sọ pé "a máa wò ó". Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìbéèrè wà tí kò ṣeé gbọ́ rárá nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ò lo máìkì, ọmọ tó tẹ̀ ẹ́ kàn kọ "kò gbọ́" síbẹ̀, ìdáhùn nìkan ló hàn. Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí kó ràn mí lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá_Akọ̀wé_Bódìjà · 8:47 àárọ̀

Ọmọ mi, èyí ò le rárá. Kọ ọjọ́ ìpàdé, aago tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó gba àdúrà, iye èèyàn tó wá, ẹni tó dábàá àti ẹni tó kín in lẹ́yìn, lẹ́yìn náà kọ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá ní ṣókí bí wọ́n ṣe tò ó. Bí a ṣe ń kọ mínítì nìyẹn, ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń kọ ọ́ fún ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Ojú ewé méjì á gbà á.

Àǹtí_Mọ́kọ́lá · 9:30 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o sà, ṣùgbọ́n mínítì kọ́ ni ọ̀gá wọn ní kí wọ́n kọ. Mínítì wà fún fáìlì, kí wọ́n lè mọ̀ lọ́la pé báyìí la ṣe. Ìwé tí wọ́n ń sọ yìí, ẹni tó ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, tó fẹ́ sùn, ló máa kà á, ohun kan ṣoṣo tó ń wá ni "kí ló kàn mí níbẹ̀?" Tó bá pàdé àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó dábàá, á pa fóònù ẹ̀ dé.

Àbúrò mi Ádímìnì, ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn wà káàkiri ni mo ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ń ṣe é. Ẹ má tíì kọ ìwé yẹn rárá. Ẹ kọ́kọ́ jókòó ti ojú ewé 41 yẹn pẹ̀lú rẹ̀kọ́ọ̀dù létí, kẹ́ ẹ ya tébù kan: ìṣẹ́jú tí wọ́n sọ ọ́, ìbéèrè, ẹni tó dáhùn, ohun tó sọ gan-an. Gbogbo ibi tí ẹnikẹ́ni ti béèrè nǹkan ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kódà tí kò bá dà bí ìbéèrè. Ní ìpàdé òṣìṣẹ́ wa níbí, àwọn èèyàn kì í sábà béèrè tààrà, wọ́n á ní "ọ̀gá, ẹ ṣeun fún bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n àwa tá à ń gbé Mọ́níyà, Ọlọ́run ló ń kó wa délé". Ìbéèrè nìyẹn o. Ohun tó ń bi ni pé ṣé bọ́ọ̀sì máa dé Mọ́níyà. Ẹni tó bá ń wá àmì ìbéèrè nìkan á fo irú ẹ̀ kọjá, ó sì lè jẹ́ òun gan-an ni ogún èèyàn tí kò wá fẹ́ mọ̀.

Tí tébù yẹn bá ti kún, ẹ kó àwọn ìlà tó ń sọ ohun kan náà pa pọ̀. Ibí ni ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ kan, bíi ti bọ́ọ̀sì, lè wà níbi mẹ́ta nínú ìpàdé. Ẹ má tò ó bí ìpàdé ṣe lọ. Ẹ tò ó bí ó ṣe kan èèyàn: owó kọ́kọ́, lẹ́yìn náà àkókò iṣẹ́, ọkọ̀, ìlera, tó kù.

Ti "a máa wò ó" ẹ má yọ ọ́ o, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ síbí nínú àwọn tí ìdáhùn wọn ò bára mu, ká jọ ṣe é.

Tísà_Àpáta · 10:05 àárọ̀

Mo fara mọ́ ti tébù yẹn. Ṣùgbọ́n ní ti ìdáhùn méjì tí kò bára mu, kò yẹ kó gba àkókò, èyí tí wọ́n sọ gbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ mú, nítorí ẹni tó sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn ti gbọ́ ti àkọ́kọ́, ó sì ń tún un ṣe ni. Àwọn ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn, ẹ yọ wọ́n kúrò. Ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn ni, tí kò bá sí ìdáhùn kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ńṣe ló máa bí àwọn èèyàn nínú.

Ádímìnì_Olúyọ̀lé · 10:40 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Àǹtí, ẹ wo ti bọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ mẹ́nu bà, bó ṣe wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ nìyí:

Ìṣẹ́jú 14, ọ̀gá àgbà: "Bọ́ọ̀sì ti wà, láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ gbogbo ṣíìfù alẹ́ la ó máa gbé délé."

Ìṣẹ́jú 52, ọ̀gá ọkọ̀: "Ẹ gbọ́ o, ọ̀kan ló ṣeé lò báyìí. Ṣálẹ́ǹjì àti Ìwó Róòdù la ó fi bẹ̀rẹ̀. Ti Mọ́níyà, tí èkejì bá kúrò lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì."

Ìṣẹ́jú 71, obìnrin kan: "(kò gbọ́) Sátidé ńkọ́?" Ọ̀gá àgbà: "Ìyẹn, a máa wò ó."

Àǹtí_Mọ́kọ́lá · 11:25 àárọ̀

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tísà, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yìn kọ́ ló ń mú ìdáhùn jẹ́ òótọ́. Níbí ó bọ́ sí i pé ọ̀gá ọkọ̀ ló sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, òun náà ló sì mọ̀ nípa ọkọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bíi pé òfin yín ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ká ní ọ̀rọ̀ owó oṣù ni, tí ọ̀gá akáǹtì ti sọ iye ẹ̀ ní ìṣẹ́jú 20, tí súpáfáísọ̀ kan wá fi tiẹ̀ kún un ní ìṣẹ́jú 90, ṣé ti súpáfáísọ̀ lẹ máa kọ? Ohun tí mo ń wò ni ta ló ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà, ta ló ní fáìlì ẹ̀ lọ́wọ́. Tó bá ṣì rú mi lójú, mo máa ń pe àwọn méjèèjì, mo máa ń ka ọ̀rọ̀ wọn sí wọn létí pé "ẹ̀yin sọ báyìí, wọ́n sọ báyìí, èwo ni ká kọ?" Ìpè ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ó sàn ju kí ogójì èèyàn dúró de bọ́ọ̀sì tí kò ní í wá.

Ẹ tún wo "oṣù tó ń bọ̀" yẹn. Ẹni tó gbọ́ ọ ní Ọjọ́bọ̀ mọ oṣù tí wọ́n ń sọ. Obìnrin tó wà lórí ìsinmi ìbímọ, tí òfin fún ní ọ̀sẹ̀ 12, lè má ṣí ìwé yẹn títí oṣù mìíràn á fi wọlé, á wá máa ka oṣù tó ń bọ̀ láti ọjọ́ tó ṣí i. Gbogbo "ọ̀la", "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀", "láìpẹ́", "ibí yìí", "àwọn ọ̀hún yẹn", ẹ sọ ọ́ di ọjọ́ àti orúkọ. Ibi tí kò bá ti ṣeé sọ di ọjọ́, ẹ sọ pé wọn ò dá ọjọ́.

Bí mo ṣe máa kọ tiyín nìyí:

*Mò ń ṣe ṣíìfù alẹ́. Ṣé bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ máa gbé mi délé?*

*Tó bá jẹ́ ọ̀nà Ṣálẹ́ǹjì tàbí Ìwó Róòdù lẹ̀ ń gbà, bẹ́ẹ̀ ni, láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá. Ọ̀nà Mọ́níyà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan ló ṣeé lò báyìí, tí wọ́n bá tún èkejì ṣe tán ni Mọ́níyà máa bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì tíì dá ọjọ́. Wọ́n béèrè nípa Sátidé, ọ̀gá àgbà ní àwọn máa wò ó, kò tíì sí ìpinnu. Ọ̀gá ọkọ̀ lẹ lè bi.*

Ẹ rí i pé mi ò kọ pé ọ̀gá àgbà sọ pé gbogbo yín ni, lẹ́yìn náà ọ̀gá ọkọ̀ ní rárá. Ẹni tó ń kà á ò nílò ìtàn bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà, bóyá òun á rí ọkọ̀ wọ̀ ló ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ fi àwọn ìṣẹ́jú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn sínú tébù tiyín, ẹ má gbé e sínú ìwé tó ń jáde, torí ẹnì kan máa wá sọ pé "èmi gbọ́ létí ara mi pé gbogbo wa ni", ẹ̀yin á sì lè ṣí ibẹ̀ fún un.

Ní ti Sátidé yẹn, ìdí tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ yọ ọ́ nìyí. Ó dájú pé àwọn tí kò wá ti gbọ́ láti ẹnu àwọn tó wá pé ẹnì kan béèrè ọ̀rọ̀ Sátidé. Tí wọn ò bá rí i nínú ìwé, wọ́n á ní ilé iṣẹ́ gbé e pamọ́, wọn ò sì ní gba ìyókù gbọ́ mọ́.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ · 1:10 ọ̀sán

Mo fẹ́ sọ tèmi sí i nítorí èmi wà lára àwọn tí wọ́n máa ń kọ irú ìwé yìí sí. Ọsibítù aládàáni kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Rìngì Róòdù, alẹ́ ni mo sábà máa ń wà. Wọ́n ṣe ìpàdé lọ́sàn-án, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí wa lórí Wásáàpù pé "wọ́n ti fi owó kún owó oṣù òṣìṣẹ́ láti oṣù kẹta". Inú gbogbo wa dùn, àwọn kan ti ń gba nǹkan àwìn lórí ẹ̀. Oṣù kẹta dé, àwa tá a wà lórí kọ́ńtíráàkì ò rí kọ́bọ̀. Nígbà tá a lọ bá wọn ni wọ́n ní ọ̀gá sọ ọ́ ní ìpàdé pé àwọn pámánẹ́ǹtì nìkan ni, ẹni tó kọ ìwé ló ké e kúrò kó lè kúrú. Ẹnì kan nínú wa fiṣẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, nígbà tẹ́ ẹ bá ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, ẹ má gé "àwọn wo" kúrò. Ṣé kọ́ńtíráàkì wà níbẹ̀? Ṣé àwọn tí wọn ò tíì pé oṣù mẹ́fà wà níbẹ̀? Ṣé Ṣakí wà níbẹ̀ àbí Ìbàdàn nìkan?

Àǹtí_Mọ́kọ́lá · 1:22 ọ̀sán

Nọ́ọ̀sì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Òótọ́ lẹ sọ, ó sì dùn mí pé mi ò fi í síbi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ tébù. Ádímìnì, ẹ fi òpó kan kún un: "àwọn wo ló kàn". Ìlà tí òpó yẹn bá ṣófo níbẹ̀, ẹ má kọ ọ́ jáde títí ẹ ó fi béèrè.

Ádímìnì_Olúyọ̀lé · 2:15 ọ̀sán

Ọlọ́run á san yín lóore. Mo ti ń kún tébù náà bọ̀, mo wá pàdé méjì tó jẹ́ ti owó, ẹ̀rù sì ń bà mí láti fọwọ́ kàn án.

Àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 33, ọ̀gá àgbà ń sọ̀rọ̀ ofatáìmù ọjọ́ Sọ́ńdè, ọmọ tó tẹ̀ ẹ́ kọ pé wọ́n máa fi ìdá 50 nínú 100 kún un. Ó pọ̀ lójú mi.

Èkejì, òṣìṣẹ́ kan bi wọ́n nípa pẹ́ńṣàn, ọ̀gá àgbà ní "ilé iṣẹ́ ń san ìdá 8, ẹ̀yin ń san ìdá 10". Mo rò pé òdìkejì ni ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni akáǹtì.

Akáǹtì_Dùgbẹ̀ · 3:00 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán. Ìkejì ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn. Nínú òfin pẹ́ńṣàn ti ọdún 2014, ó kéré tán ìdá 10 ni ẹni tó gbani síṣẹ́ ń san, òṣìṣẹ́ ń san ìdá 8, lórí owó oṣù gan-an pẹ̀lú owó ilé àti owó ọkọ̀. Nítorí náà ó jọ pé ọ̀gá yín fi ẹnu ṣì í ni. Ṣùgbọ́n ẹ má yára o, òfin yẹn náà gbà kí ilé iṣẹ́ pinnu pé òun á máa dá a san fún òṣìṣẹ́, nígbà náà kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 20. Ìyẹn ni pé ilé iṣẹ́ kan lè ní ètò tiẹ̀ tó ju ti gbogbogbòò lọ. Ẹ wo ìwé owó oṣù ẹnì kan, ohun tí wọ́n ń yọ á hàn níbẹ̀.

Ti ofatáìmù, ẹ lọ gbọ́ ọ. Fiftíìn àti fífítì, nínú yàrá ńlá tí fáànù ń kù, ìyàtọ̀ wọn lè sọnù. Gbogbo nọ́ńbà tó bá parí sí irú ohùn yẹn, tatíìn àti tátì, seventíìn àti séfíńtì, ẹ tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dín ìyára rẹ̀kọ́ọ̀dù kù tí fóònù yín bá gbà á. Ẹ tún wá ibòmíràn nínú ìpàdé tí ẹnì kan ti fi náírà ṣe àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ náà. Akáǹtì kì í lè sọ̀rọ̀ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kó má ṣírò ọ̀kan fún yín.

Ádímìnì_Olúyọ̀lé · 4:05 ìrọ̀lẹ́

Ó wà níbẹ̀ o! Ìṣẹ́jú 80, ọ̀gá akáǹtì wa ní "ẹni tó ń gba 2,000 lọ́jọ́ Sọ́ńdè á máa gba 2,300". Mo tún gbọ́ ìṣẹ́jú 33, fiftíìn ló sọ lóòótọ́.

Akáǹtì_Dùgbẹ̀ · 4:12 ìrọ̀lẹ́

300 lórí 2,000, ìdá 15 gan-an nìyẹn. Tó bá jẹ́ 50 ni ì bá jẹ́ 3,000. Nínú ìwé tẹ́ ẹ máa kọ, ẹ fi àpẹẹrẹ náírà yẹn síbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ á yára lóye 2,300 ju ìdá 15 lọ, bí ẹnì kan bá sì ṣi ọ̀kan tẹ̀, èkejì á tú àṣìṣe náà síta.

Tísà_Àpáta · 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ní ti pẹ́ńṣàn, tó bá ti dájú pé ìdá 10 ni ilé iṣẹ́ ń san, ẹ kàn kọ ọ́ bó ṣe yẹ kó rí. Kò sídìí láti fi han gbogbo ayé pé ẹnu ọ̀gá ṣì. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni.

Àǹtí_Mọ́kọ́lá · 5:15 ìrọ̀lẹ́

Tísà, èmi náà ò fẹ́ kí ojú ti ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bí èèyàn ọgọ́rùn-ún bá ti gbọ́ 8 létí, tí ìwé wá gbé 10 jáde láìsọ nǹkan kan, àwọn tó wá àtàwọn tí kò wá á máa jiyàn lórí ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jẹun. Ìlà kan péré ni mo máa ń fi sí i: "Nọ́ńbà tí wọ́n sọ ní ìpàdé yàtọ̀ sí èyí, ọ̀gá akáǹtì ti yẹ̀ ẹ́ wò, èyí ló tọ̀nà." Mi ò dárúkọ ẹni tó sọ ọ́. Kí n tó gbé e jáde sì rèé, mo máa ń fi ìdáhùn kọ̀ọ̀kan han ẹni tó ni ín, kó fọwọ́ sí i.

Ibi tí mo ti máa ń dúró gbọn-in ni pé ẹni tó sọ̀rọ̀ lè tún nọ́ńbà ṣe, ó lè sọ pé "ohun tí mo ní lọ́kàn kọ́ nìyẹn", ṣùgbọ́n kò lè gba ẹ̀yìn wọlé wá yí ìlérí padà. Tí ọ̀gá bá ṣe ìlérí lójú gbogbo èèyàn, tó wá di ọjọ́ kejì tó ní kí n yọ ọ́, mo máa ń sọ fún un pé kó kọ ìkéde tuntun, kó fọwọ́ ara ẹ̀ sí i.

Tísà_Àpáta · 5:31 ìrọ̀lẹ́

Ibi iṣẹ́ yín gba ìyẹn láàyè, ti ẹlòmíràn lè má gbà á. Ádímìnì ló máa kojú ọ̀gá ẹ̀, kì í ṣe àwa. Èmi ò ní sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó lọ bá ọ̀gá àgbà jiyàn lórí ìlà kan. Kó fi han ọ̀gá tiẹ̀ kí ìyẹn pinnu.

Ọmọ_Agbowó · 7:20 alẹ́

Ẹ má bínú pé mo dá sí i. Èmi náà ń tẹ nǹkan fún àwọn èèyàn ní Agbowó, mi ò sọ pé èmi ni mo tẹ tiyín o. Nígbà tí wọ́n bá gbé irú rẹ̀kọ́ọ̀dù yìí wá, ó máa ń wà lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lè ṣí i. Ohùn èèyàn wà níbẹ̀, àwọn kan sọ àìsàn wọn, àwọn kan dárúkọ súpáfáísọ̀ tó ń dà wọ́n láàmú. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 ti wà, nǹkan tí wọ́n lè fi dá èèyàn mọ̀ kì í ṣe ohun tá a ń fi sílẹ̀ báyẹn. Ẹ padà lọ síbẹ̀, kí wọ́n pa á rẹ́ níṣojú yín, ẹ wo ibi tí nǹkan tí wọ́n ti pa rẹ́ máa ń sá sí náà. Ìgbà mìíràn ẹ pe ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ wá sí ọ́fíìsì yín, kó lo kọ̀ǹpútà yín.

Nínú ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn náà, orúkọ ẹni tó béèrè ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Tí ìbéèrè bá tún jẹ́ irú èyí tí gbogbo èèyàn á mọ ẹni tó ni ín, bíi "èmi tí mo ṣe iṣẹ́ abẹ lóṣù tó kọjá", ẹ sọ ọ́ di ti gbogbogbòò: ṣé ìwé ìlera wa ń san owó iṣẹ́ abẹ?

Ní ti ibi tí wọ́n kọ "kò gbọ́", ó dáa bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ pé kò fi ọ̀rọ̀ tiẹ̀ dí i. Ẹ lo ìkọ́tí tó bo etí dáadáa, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà kó tó débẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Àǹtí_Mọ́kọ́lá · 7:48 alẹ́

Ọmọ Agbowó, o ṣeun gan-an fún èyí. Mo fẹ́ fi kún ti "kò gbọ́": ẹ má fi ìdáhùn ṣẹ̀dá ìbéèrè tó kún ju bó ṣe yẹ lọ. Ká ní ọ̀gá dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni, àwọn náà wà níbẹ̀", tẹ́ ẹ ò gbọ́ ìbéèrè, ẹ ò mọ "àwọn" wo. Kí ẹ lọ bi ẹni tó béèrè, àwọn tó jókòó tì í á mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá wá a tì, ẹ bi ọ̀gá tó dáhùn. Tí òun náà ò bá rántí, kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé.

Dírẹ́bà_Ìwó_Róòdù · 9:05 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí dáa, ṣùgbọ́n ẹ rántí àwa tá a ń wa ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ máa ń fi píídíẹ́ẹ̀fù ránṣẹ́, òyìnbó ńlá ńlá, lẹ́tà wínníwínní, tí mo bá ń fà á gbòòrò lójú fóònù ọ̀rọ̀ á sá kúrò, mi ò sì ní í dúró lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ máa kà á. Ẹ kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ Wásáàpù lásán, ìbéèrè kan ìdáhùn kan, kẹ́ ẹ tún fi ohùn kà á lédè Yorùbá, kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Tí mo bá dúró nídìí epo màá gbọ́ ọ.

Bàbá_Akọ̀wé_Bódìjà · 9:30 alẹ́

Mo ti ka gbogbo ẹ̀, mo sì ti rí i báyìí pé kì í ṣe mínítì. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìwé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà lédè òyìnbó, nítorí tí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́, òyìnbó ni wọ́n máa kà. Tí ẹ bá ní Yorùbá lọ́tọ̀, òyìnbó lọ́tọ̀, ọjọ́ kan wọn ò ní bára mu.

Dírẹ́bà_Ìwó_Róòdù · 9:41 alẹ́

Bàbá, nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ilé iṣẹ́ tiwa, ìdajì ẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ń sọ, wọn ò pe ìyẹn ní ẹjọ́.

Àǹtí_Mọ́kọ́lá · 10:02 alẹ́

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ní ohun tẹ́ ẹ rí. Èmi máa ń kọ èyí tí ọ̀gá fọwọ́ sí lédè kan, inú ìyẹn gan-an ni mo ti máa ń ka ohùn, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì, mi ò ní í fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Èdè wo ni ìyẹn máa jẹ́, ilé iṣẹ́ ló mọ̀.

Ádímìnì_Olúyọ̀lé · Ọjọ́rú, 11:15 àárọ̀

Mo padà wá o. Ìbéèrè 63 ni mo rí nínú tébù, nígbà tí mo kó àwọn tó jọra pọ̀ ó ku 19. Ọ̀gá mi wò ó, ó ní 19 pọ̀ ju ojú ewé méjì lọ, kí n yọ méje. Mi ò yọ wọ́n, mo fi 12 tó kan owó, ṣíìfù, ọkọ̀ àti ìlera sí iwájú, mo fi méje yòókù sí ojú ewé kẹta, ó sì gbà. Mẹ́rin nínú gbogbo ẹ̀ ni kò tíì ní ìpinnu, mo kọ ẹni tí wọ́n máa bi sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá akáǹtì wo ìwé owó oṣù, ìdá 8 ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ wa, ó fọwọ́ sí ìlà tí Àǹtí sọ yẹn. Wọ́n ti pa rẹ̀kọ́ọ̀dù rẹ́ ní Agbowó, mo dúró tì wọ́n.

Ohun kan ló kù tí mi ò rí ojútùú ẹ̀. Ẹnì kan béèrè ní ìṣẹ́jú 97 bóyá wọ́n máa ti ẹ̀ka Ṣakí pa, ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní "ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?", ó wá kọjá sí ìbéèrè mìíràn. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé rárá. Àwọn ará Ṣakí ni wọ́n máa ka ìwé yìí jù. Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́?

Tísà_Àpáta · 11:32 àárọ̀

Èyí ni kẹ́ ẹ yọ o. Ẹ ò ní rí bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ọ́ kó má dẹ́rù bà wọ́n.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ · 12:20 ọ̀sán

Ẹ̀rù ti ń bà wọ́n tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni ẹnì kan fi béèrè. Ẹ kọ pé wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ Ṣakí, wọn ò sì dá a lóhùn ní ìpàdé.

Àǹtí_Mọ́kọ́lá · 12:44 ọ̀sán

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ lọ bá ọ̀gá àgbà lónìí, ẹ ka ibi ìṣẹ́jú 97 yẹn sí i létí, ẹ bi í ohun tó fẹ́ kí àwọn ará Ṣakí gbọ́. Tó bá ní rárá, ẹ kọ rárá pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì sọ pé lẹ́yìn ìpàdé ló dáhùn. Tó bá ní kẹ́ ẹ má kọ nǹkan kan, èmi ti Nọ́ọ̀sì lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un kẹ́ ẹ tó ṣe é.

Ádímìnì_Olúyọ̀lé · 4:50 ìrọ̀lẹ́

Mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ó ní kí n fún òun títí di àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì. Mo ti fi àyè sílẹ̀ fún un nínú ìwé, mo kọ ìbéèrè náà síbẹ̀ bí ẹni tó béèrè é ṣe sọ ọ́.